Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì ti ṣọ́ọ̀bù

Ìyá Ìbejì jókòó sórí kéréètì mínírà tó ṣófo, eruku nìkan ló kù lórí pákó ọjà. Ọdún 19 ló fi tà ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí. Fóònù ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń pa nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín pa gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Rárá o Táyé, jẹ́ n fojú kan wọn."

Bàbá Fọganáísà. Ìyá Ṣadé Elépo. Ó dé orí Alhájà Onílé Pupa, ọwọ́ ẹ̀ dúró, torí Alhájà ti kú láti ọdún tó kọjá, àmọ́ fọ́tò ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ osàn.

Bọ̀dá tó ń polówó owó èlé ti wá láàárọ̀, ó ní òun á san 30,000 náírà fún gbogbo nọ́ńbà yẹn. Ìyá Ìbejì ní, "Gààrí ni wọ́n wá rà lọ́wọ́ mi, wọn ò ní kí n ta àwọn."

Ó fa ìwé gbèsè ya, ewé tí òróró ti rin gbingbin ló kọ́kọ́ gbiná nínú kólúpọ́ọ̀tù. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní 4,500 wà nínú ẹ̀. Ó jẹ́ kó jóná.

Bó ṣe pa èyí tó gbẹ̀yìn tán ni fóònù dún, nọ́ńbà lásán, kò sórúkọ.

"Ẹ káalẹ́ mà, ṣé mílíìkì ṣì wà?"

"Ìyá Ṣadé," ló dáhùn, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n.