Ìdánwò Ìtàn: Ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní Èkó, 1861

Kíláàsì: Ọdún kejì, girama àgbà. Sáà kejì.
Àkókò: Wákàtí kan ààbọ̀. Àpapọ̀ máàkì: 60.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé kan ni a ó jókòó tì lónìí. Gbogbo yín ti gbọ́ ọ rí pé Dòsùnmú fi Èkó fún òyìnbó. Ìwé tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ bi í léèrè bí ìgbà tí wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ní kóòtù. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ pé “ìwé yìí ń ṣègbè” kí ó sì dákẹ́. Ẹ fa ọ̀rọ̀ náà gan-an yọ, kí ẹ sọ ẹni tí ó gbè àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí ọmọ Èkó nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni mo ń fún ní máàkì.

Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ṣáájú

Ní Dìsẹ́ńbà 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní Òkúdù 1861, Lọ́ọ̀dù Rọ́sẹ́ẹ̀lì, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gba Èkó. Kọ́ńsúlù Fúùtù tí ó kọ ọ́ sí ti kú láti oṣù Mée. Ẹni tí ó ń dì í mú nípò rẹ̀ ni Mákọsìkírì, oníṣòwò ní Èkó, tí àwọn ará ìlú sọ ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pọ́n. Orúkọ náà ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí dòní. Òun àti Bẹ́díńfíìdì, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Pùròmítíọ́sì, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé Kìíní: láti inú àdéhùn ọjọ́ kẹfà oṣù Ògọ́sì 1861

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ni mo túmọ̀ ibi tí ẹ ó kà yìí.

“Kí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lè túbọ̀ lágbára láti ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́, láti gbèjà wọn àti láti dáàbò bò wọ́n, kí ó sì lè fòpin sí òwò ẹrú ní ìlú yìí àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, kí ó sì dènà ogun apanirun tí Dàhómì àti àwọn mìíràn máa ń jà láti kó ẹrú, èmi Dòsùnmú, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àti ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ mi, fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ọbabìnrin, fún àwọn àrólé rẹ̀ àti àwọn tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀ títí láé... tìfẹ́tìfẹ́, ní kíkún, ní pátápátá, láìku ẹyọ kan... tí a ó sì ṣì gba àwọn ará ìlú láàyè láti máa gbé ibẹ̀.”

Lẹ́yìn èyí, ìwé náà sọ pé wọn yóò gba Dòsùnmú láàyè láti máa lo orúkọ ọba “ní ọ̀nà tí àwọn Áfíríkà ń gbà lò ó”, pé òǹtẹ̀ rẹ̀ lára ìwé ilẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tí ó ní in, àti pé yóò máa gba owó ọdọọdún tí ó bá èrè tí ó ń rí tẹ́lẹ̀ mu. “Docemo” ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Àgbélébùú ni òun àti àwọn ìjòyè tí wọ́n jọ fọwọ́ sí i fà.

Apá A: Níbo ni ìwé yìí ti wá?

1. Ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí? Ta ni ẹnu rẹ̀ ń sọ “èmi”? Ṣé ẹnì kan náà ni? (4)

2. Báwo ni “Dòsùnmú” ṣe di “Docemo”? Kí ni èyí ń sọ fún wa nípa ẹni tí ó di kálámù mú àti ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀? (4)

3. Bí ẹnì kan bá fa àgbélébùú sí abẹ́ ìwé tí kò lè kà, kí ni àmì náà jẹ́rìí sí? Kí ni kò lè jẹ́rìí sí? Dárúkọ ẹ̀rí méjì tí ẹ ó wá kí ẹ tó gbà pé ó yé e. (6)

4. Mo kọ “fi fún” nínú ìtumọ̀ mi. Nílẹ̀ Yorùbá, a lè fi ilẹ̀ fún àlejò kí ó dáko, kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo lò yìí gbè sí ẹnì kankan? Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì gbèjà tiyín. Bí ẹ bá rí i pé mo ṣì í, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìbẹ̀rù. (6)

Apá B: Ìṣègbè

5. Ka “tìfẹ́tìfẹ́, ní kíkún, ní pátápátá, láìku ẹyọ kan.” Èwo nínú wọn ni kò ṣe pàtàkì bí ó bá jẹ́ pé tinútinú ni Dòsùnmú fi ṣe é? Kí ló dé tí agbẹjọ́rò fi ń to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ? (4)

6. “A ó sì ṣì gba àwọn ará ìlú láàyè láti máa gbé ibẹ̀.” Ta ni ó ń gba ta láàyè? Kọ ìlà mẹ́fà bí ìyá oníṣòwò kan tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe máa gbọ́ gbólóhùn yìí. (6)

7. Nínú ìwé tirẹ̀, Rọ́sẹ́ẹ̀lì ní gbígba Èkó yóò fòpin sí òwò ẹrú, yóò dá ọba Dàhómì dúró, yóò sì ran òwò tí ó bófin mu lọ́wọ́. Fi wé ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé Kìíní. Èwo nínú ìdí mẹ́ta náà ni kò dé iwájú Dòsùnmú? Ronú nípa epo pupa àti nípa iṣẹ́ tí Mákọsìkírì ń ṣe kí ẹ tó dáhùn. (8)

Apá D: Ohun tí ìwé náà kò sọ

Ẹ má kánjú níbí. Apá yìí ni mo ti fẹ́ mọ ẹni tí ó lè ronú.

8. Ní oṣù Ògọ́sì kan náà, Dòsùnmú kọ̀wé sí Ọbabìnrin láti fi ẹ̀hónú hàn: ó ní wọ́n halẹ̀ mọ́ òun pé àwọn yóò yìnbọn lu Èkó. Wá ọkọ̀ ogun nínú Ìwé Kìíní. Ṣé ẹ rí i? Nígbà tí ẹ bá dáhùn, ẹ rántí 1851 àti ohun tí ojú Èkó rí nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìwé Dòsùnmú fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹ bi Ìwé Kìíní: òun náà ní ohun tí ó ń wá. (8)

9. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Fẹ́búwárì 1862 ni wọ́n tó dárúkọ iye owó náà: 1,200 àpò owó ẹyọ, tí í ṣe pọ́n-ùn 1,030 lọ́dún, níwọ̀n ìgbà tí Dòsùnmú bá wà láàyè. Fi “níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè” sí ẹ̀gbẹ́ “títí láé” inú Ìwé Kìíní. Kí ni ẹ rí? (4)

10. Àwọn ìjòyè Ìdéjọ ni wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, kì í ṣe ọba. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lórí ilẹ̀ Àpápá, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé àdéhùn 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni ín. Hábátì Mákọ́lè wà lára àwọn tí wọ́n bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣàlàyé bí ìwé tí kò dárúkọ Ìdéjọ rárá ṣe dá ọgọ́ta ọdún wàhálà sílẹ̀. Ẹ tún padà sí ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ lókè: ta ni òǹtẹ̀ náà pa lẹ́nu mọ́? (10)

Ẹni tí ó bá parí ṣáájú àkókò, kí ó tún ìbéèrè kẹrin kà. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó o fún olórí kíláàsì.