Ìtọ́ni fún àwòrán pálọ̀: sófà ìrókò ẹlẹ́ni-mẹ́ta

Ya àwòrán pálọ̀ kan bí ẹni pé kámẹ́rà gidi ló yà á, fún ojú ewé 6 nínú kátálọ́ọ̀gì fọ́níṣọ̀ tí wọ́n ń ṣe n'Íbàdàn. Sófà ìrókò ẹlẹ́ni-mẹ́ta ni ọjà. Gbogbo nǹkan tó kù wà láti gbè é ni. Ìwọ̀n àwòrán jẹ́ 3:2, kó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ.

Sófà náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 210, ó jìn ní 88, ó ga ní 80. Ibi ìjókòó wà ní 43 sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ga ní 15, kí ilẹ̀ hàn kedere lábẹ́ rẹ̀. Má nà án, má sì sún un kì. Oníbàárà á gbé téèpù wọn ògiri ilé rẹ̀ kó tó sanwó, ohun tó bá sì rí nínú ìwé ló máa bi wá léèrè lọ́jọ́ tí ọjà bá dé.

Ìrókò tuntun ni igi rẹ̀: ofeefee tó ń lọ sí búráùn, kì í ṣe pupa, kò sì tíì ṣú. Ìlà ara igi yìí kì í lọ tààrà. Ó ń lọ síhìn-ín, ó ń padà sọ́hùn-ún, débi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kàn án, apá kan á tàn, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣú díẹ̀. Mo fẹ́ rí ìyẹn lára apá sófà dáadáa. Òróró la fi pa igi náà, kì í ṣe fáníìṣì tó ń kọ mànà. Níbi tí apá ti jókòó lé ẹsẹ̀ iwájú, orí ẹsẹ̀ náà yọ sókè gba inú ihò, ojú rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju igi tó yí i ká lọ. Kò sí orí ìṣó kankan níbẹ̀.

Tìmùtìmù mẹ́ta ni ti ìjókòó, mẹ́ta ni ti ẹ̀yìn. Aṣọ òwú tó nípọn ni, kò dán, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ #EFE6D6.

Ìrọ̀rí méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ẹtù, ọ̀kan sányán. Fara balẹ̀ síbí. Aṣọ òkè tí a hun ni, kì í ṣe aṣọ tí a tẹ àwòrán sí. Ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 sí 40, ọ̀já aṣọ kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní 10, nítorí náà ọ̀já mẹ́rin ni yóò hàn lójú ìrọ̀rí, pẹ̀lú ojú rírán mẹ́ta láàárín wọn. Ẹtù jẹ́ aró dúdú tí ìlà tín-ín-rín fúnfun là já. Sányán jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ìlà mìíràn.

Tábìlì ìrókò kan wà níwájú, 120 sí 60, ó ga ní 40, ó fi 40 jìnnà sí sófà. Ìkòkò amọ̀ tí a gbin ewéko ọjá-ìkookò sí wà lápá òsì. Ilẹ̀ jẹ́ terásò funfun tó ní òkúta wẹ́wẹ́ eléérú nínú. Ògiri funfun, ọ̀dà tí kì í dán.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, nínú oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn òjò òru. Má lo ọyẹ́, nítorí eruku rẹ̀ máa ń pa ojú òjìji rẹ́. Oòrùn wà ní ìwọ̀n dígírì 35 sókè, ó ń gba fèrèsé ìlà-oòrùn wọlé lápá ọ̀tún. Fèrèsé náà kò sí nínú àwòrán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 60 sí ilẹ̀, orí rẹ̀ ní 210, nítorí náà oòrùn á tàn sórí terásò títí dé nǹkan bí mítà 3 sí ògiri ọ̀tún, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó kan apá ọ̀tún sófà, iwájú tìmùtìmù ọ̀tún àti eteetí tábìlì. Gbogbo òjìji wó sápá òsì, ó tẹ̀ sí ògiri ẹ̀yìn díẹ̀. Kò sí òjìji irin fèrèsé lórí aṣọ: ẹni tó ń wò ó lè rò pé aṣọ onílà ni. Ìmọ́lẹ̀ tó kù wá láti ara ògiri àti ilẹ̀, kí abẹ́ sófà má ṣe ṣú pátápátá. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 5200 K. Gílóòbù kankan kò gbọdọ̀ tàn.

Kámẹ́rà dúró ní mítà 5 sí ògiri ẹ̀yìn, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 95, lẹ́ńsì 35 mm, ó kọjú sí sófà gan-an. Igun ògiri àti ẹsẹ̀ àga dúró ṣánṣán. Sófà gba ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì ìbú àwòrán, gbogbo rẹ̀ sì hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Má fi ènìyàn, tẹlifíṣọ̀n, kápẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́tà kankan sí i. Fi ògiri òkè apá òsì sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ la máa kọ orúkọ sófà àti iye owó rẹ̀ sí.