Omi Ẹsẹ̀ Àpáta

Bàbá fi ọ̀pá gún ojú ìsun náà. Eruku ló sọ.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ìrókò tó wà létí rẹ̀ ni omi ti bínú. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́."

Ọmọbìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́. Abúlé wọn ò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àpáta ló yí wọn ká.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àpáta fúnra rẹ̀ kì í mu omi. Inú erùpẹ̀ tó bò ó àti ibi tó ti sán ni òjò ń sápamọ́ sí kó tó sun jáde níbí. Kànga ẹlẹ́rọ mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ lókè yẹn. Wọ́n ń fà á kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ní 1983 tí ọ̀dá mú, tí iná ń jó oko kòkó, omi yìí ò gbẹ."

"Ta ló ní kànga ẹlẹ́rọ níbí nígbà náà?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Ìrókò yẹn ńkọ́?"

Ó wo kùkùté náà pẹ́. "Òótọ́ ni, igi a máa jẹ́ kí òjò wọlẹ̀ dípò kó ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n bíbọ kọ́, Bàbá."

"Nígbà tí a ń bọ ọ́, ta ló tó gé e?"

Kò fèsì. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ kànga mẹ́rin sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ìrókò.