Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun fún àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ bá wọn wá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ máa fọ́mọ lọ́mú lọ, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé oṣù méje, ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán-tòru. A ní bóyá ó ṣubú ni. A fi òrí pa á. Ó tó ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò: SS ni. Ó ṣì ń dùn mí pé a ò tètè mọ̀.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ara ọmọ náà máa ń dá ṣáṣá ní oṣù bíi mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ní nínú oyún ṣì wà lára ẹ̀, ìyẹn kì í sì í tẹ̀ bíi dòjé. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ṣe ń lọ, àrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá wú.

Àwọn ìyá àgbà wa ò ní àyẹ̀wò. Wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú, wọ́n ń sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Mo gbà pé àrùn yìí ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ.

Àyẹ̀wò náà ò le. A ó gún gìgísẹ̀ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí bébà, ó parí. Tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára rí, ẹ sọ fún wa o, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè mú kí èsì ṣì wá lọ́nà.

Bó bá jẹ́ SS, ọmọ á máa lo pẹnisilíìnì lójoojúmọ́ láti bí oṣù kejì tàbí ìkẹta títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Àkóràn ló ń tètè pa wọ́n. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 fi hàn pé oògùn yìí dín àkóràn burúkú náà kù ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, kó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nítorí ibà. A ó tún kọ́ yín bí ẹ ṣe máa fọwọ́ wo ikùn ẹ̀ lápá òsì, nísàlẹ̀ ìhà. Bó bá wú lójijì, tójú ẹ̀ funfun, tàbí tára ẹ̀ gbóná, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má nàka sí ìyàwó yín. Ọmọ ò lè jẹ́ SS àfi kó gba S lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ AS, tíyàwó náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta tẹ́ ẹ ti bí gbádùn. C náà wà láàrin àwa Yorùbá dáadáa. AS àti AC lè bí SC, ìyẹn náà ń fẹ́ ìtọ́jú.

Tábìlì wa wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ kéré jù lọ ni kó kọ́kọ́ wá.