Agbára oògùn apabaktéríà lórí baktéríà ilẹ̀ oko ẹ̀fọ́ ní Gwagwaládà: Ọ̀nà iṣẹ́ àti Èsì

Ọ̀nà iṣẹ́

A bu ilẹ̀ ní ìjìn sẹ̀ntímítà 10. A po gíráàmù 1 mọ́ mílílítà 9 omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, a là á dé 10⁻⁵, a sì tẹ́ ẹ sórí ágà, oúnjẹ dídì tí baktéríà ń hù lórí rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni a yà sọ́tọ̀: A (ó rí bí ọ̀pá, pọ́sítíìfù nínú àyẹ̀wò àwọ̀ Gíráàmù, ó jọ Basílọ́ọ̀sì) àti B (ó rí bí ọ̀pá, nẹ́gétíìfù nínú àyẹ̀wò náà, ó jọ Sudomónásì). A pò wọ́n mọ́ omi títí ó fi ṣú dọ́gba pẹ̀lú òṣùwọ̀n Makifálándì 0.5, a fi òwú tẹ́ wọn káàkiri orí ágà Mula-Hintìn, a gbé páálí oògùn lé e, ó sì wà ní 35°C fún wákàtí 18.

Èsì

Ìbú ibi tí baktéríà kò ti hù (mílímítà, páálí fúnra rẹ̀ jẹ́ 6):

| Oògùn | A | B |
|---|---|---|
| Pẹnisilíìnì | 11 | 6 |
| Tẹtirasaikilíìnì | 23 | 12 |
| Jẹntamaisíìnì | 22 | 19 |
| Sipirofulokisasíìnì | 28 | 30 |

Pẹnisilíìnì kò ran B rárá. Bẹ́ẹ̀ ni a ti retí, nítorí awọ òde Sudomónásì kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀yà A: àwọn èèhù baktéríà kéékèèké mẹ́ta hù láàárín òfìfo tó yí páálí tẹtirasaikilíìnì ká, ó sì lè jẹ́ pé oògùn náà kò ran wọ́n. A kò yọ wọ́n kúrò nínú èsì. A ti gbìn wọ́n lọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò míì.