Ìpàdé ilẹ̀ Awẹ́: ẹ jẹ́ ká kúrò ní Sátidé yìí, ẹ mú nínú ọjọ́ méjì yìí

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ òní.

Èmi awọnlẹ̀ yín ni. Ọ̀rọ̀ ìpàdé wa lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa Tíṣà ń rà ní Awẹ́, ti Sátidé yìí, ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ká má ṣe é lọ́jọ́ yẹn mọ́. Ọjọ́ méjì ló wà nílẹ̀ tí mo ti yẹ̀ wò dáadáa, Túsìdé ọjọ́ 18 ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tàbí Sátidé ọjọ́ 22 ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lè mú ìkan ńbẹ̀ kó dá mi lóhùn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀, ẹ bá mi kà á délẹ̀, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré láti ní kí àgbàlagbà tún ètò tó ti ṣe ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìrọ̀lẹ́ àná ni èmi pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi lọ sórí ilẹ̀ yẹn, a fẹ́ gé igbó ojú ààlà sílẹ̀ kí ọjọ́ Sátidé má bàa jẹ́ àdá la máa máa fi ṣe wákàtí méjì àkọ́kọ́. Iwájú títì, kò síṣòro, a rí pílà méjèèjì. A wá yí sí ẹ̀yìn, lápá ibi tí ilẹ̀ wa ti pààlà pẹ̀lú ti Alájì, a wá pílà tì. A wá a títí, ọmọ iṣẹ́ mi ló wá fẹsẹ̀ kọ nǹkan lábẹ́ ebè ẹ̀gẹ́, ó yẹ koríko kúrò, pílà náà ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, nọ́ńbà orí ẹ̀ ṣì hàn kedere àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa ti dì mọ́ ìdí ẹ̀ gbagidi, ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀ wá wà lókè. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni dìídì hú u o, bí mo ṣe wo ibẹ̀ ó jọ pé katakátá tó túlẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ló wọ́ ọ. Mo ya fọ́tò ẹ̀ mẹ́ta, mo ti fi wọ́n ránṣẹ́ kí n tó kọ èyí, ẹ bá mi wò wọ́n. Mi ò sì fọwọ́ kan pílà yẹn, bí mo ṣe bá a ni mo ṣe fi í sílẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, tí pílà bá ti kúrò ní ojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ojú lásán gbé e padà, èmi náà ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Inú ìwé sọ́fè Alájì la ti máa rí nọ́ńbà kọ́dínétì tó máa sọ ibi tó wà gan-an, ẹ̀rọ la máa fi wá ojú ibẹ̀, Alájì fúnra ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kó rí i bí a ṣe ń gbé e sí i, kó má bàa di pé lọ́dún mélòó kan sí i ọmọ ẹ̀ á wá sọ pé wọ́n jí ilẹ̀ bàbá àwọn. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, Alájì ò sì sí nílé. Mo pè é lálẹ́ àná, Ìlọrin ló wà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló jáde láyé, Sátidé yìí gan-an ni àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mọ́ńdè ọjọ́ 17 ló máa tó padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ta ló máa ní kí èèyàn fi fìdáù sílẹ̀ wá síbi ààlà ilẹ̀? Mo kí i kú ará fẹ́ra kù lórúkọ gbogbo wa, ẹni tó bá ní nọ́ńbà ẹ̀ kó bá wa pè é.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ sọ pé ẹ̀yìn nìkan ṣáà ni, ẹ jẹ́ ká wọn mẹ́ta tó kù ká fọwọ́ síwèé. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀ kí n tó kọ èyí. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa Tíṣà ń rà, púlọ́ọ̀tì méjì ni, 100 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Tí ààlà ẹ̀yìn yẹn bá fi ẹsẹ̀ bàtà 3 péré yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, 300 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró ló lọ yẹn, yàrá 10 sí 12 méjì wọ inú ẹ̀ kó tún ṣẹ́kù. Ta ló máa pàdánù ẹ̀? Tí kì í bá ṣe Tíṣà, á jẹ́ Alájì, èyíkéyìí nínú méjèèjì ẹjọ́ ni. Ìwé tí mo bá sì tẹ̀ ní sítáǹpù, kọ́ọ̀pì ẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì Sọfeyọ̀ Jẹ́nẹ́rà ní Ìbàdàn, kì í ṣe nǹkan tí mo máa fi ìka pa rẹ́ tó bá yá. Tí a bá pàdé ní Sátidé yìí, a máa jókòó, a máa mu omi, a máa sọ̀rọ̀, a ò ní lè fọwọ́ síwèé, a ó sì tún pe ara wa jọ lẹ́ẹ̀kejì, owó mọ́tò méjì fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjọ́ méjèèjì.

Túsìdé ọjọ́ 18, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Alájì á ti dé láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun máa wá pẹ̀lú ìwé òun. Lọ́yà sọ fún mi pé òun ò ní pẹ́ ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo rò ó pé tí ẹ bá jáde ní síkúùlù ní aago méjì tí ẹ sì wọ mọ́tò ní Tákìé kí ó tó di méjì àbọ̀, bí ọ̀nà ò bá há jù ẹ máa wà ní Òwòdé kí aago mẹ́rin tó lù, èmi fúnra mi màá wá gbé yín ńbẹ̀ lọ sí Awẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tètè ń ṣú báyìí, nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ oòrùn ti wọ̀, torí náà tí a bá mú Túsìdé, mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin o, kì í ṣe mẹ́rin àwa Yorùbá. Iṣẹ́ orí ilẹ̀ la máa kọ́kọ́ ṣe, ọ̀rọ̀ àti ìwé tọwọ́ bíwèé á tẹ̀lé e ní ilé Bàbá Mọ́gàjí, iná wà níbẹ̀, tí NEPA bá sì ṣe tiwọn, mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré nínú bùútù.

Sátidé ọjọ́ 22, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èyí ló fẹ̀ jù lọ, kò sí síkúùlù, kò sí kóòtù, oòrùn ò tíì mú, Ìyá Àgbà náà lè jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú yẹn kí wọ́n máa wò wá. (Ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ojú ọ̀run kì í fẹ́ràn abẹ́ igi o, ìyẹn ni mo ṣe máa gbé èkejì tí à ń fi ojú wò dání pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má ro pé mò ń gbé ẹrù ṣe fáàrí.) Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ Sátidé inú oṣù yìí, aṣọ ẹbí ló kún inú ẹ̀. Màmá wa ìyàwó Mọ́gàjí sọ lọ́jọ́sí pé àwọn ní ìgbéyàwó kan, tó bá jẹ́ ọjọ́ 22 yẹn ni ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni, mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ti tó wa, wọ́n á ṣì bá wọn jó.

Mo wo àwọn ọjọ́ tó wà láàárín kí n tó mú méjì yìí o. Wẹ́sìdé àti Tọ́sìdé, lọ́yà ní ẹjọ́ tó máa gba gbogbo ọjọ́. Fúráìdé, Jímọ̀ ni, Bàbá àti Alájì ò ní fẹ́ kí n dá àwọn dúró. Sọ́ńdè, Tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ní tèmi, mo ti yọ ọjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, mi ò ní gbàṣẹ́ mìíràn sí ìkankan nínú ẹ̀ títí ẹ ó fi mú ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ “Túsìdé” tàbí “Sátidé 22” síbí kí ó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọ̀la. Tí méjèèjì bá rọ̀ yín lọ́rùn ẹ kọ “méjèèjì”, tí kò bá sí ìkankan tó rọ̀ yín lọ́rùn ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, ẹ kàn bá mi fi ọjọ́ tó rọrùn sí i. Bàbá Mọ́gàjí, mo mọ̀ pé ẹ kì í wo wáàsáàpù, ọmọ yín ló máa ka èyí fún yín. Mo ti kọ́kọ́ pè yín lọ́sàn-án kí n tó kọ ọ́ síta, ẹ sì ní kí n lọ bi àwọn tó kù, ẹ ṣeun sà. Ìyá Àgbà náà, màá yà lọ́dọ̀ wọn fúnra mi lọ́la tí mo bá ń bọ̀ láti Akẹ̀sán. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án yẹn màá kọ ọjọ́ tó jáde síbí, màá sì pe gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ mọ́tò ní Sátidé yìí láìmọ̀.

Nǹkan méjì tí kò yí padà: iye tí ẹ jọ dúnàádúrà lé lórí ṣì wà bó ṣe wà, owó àsansílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ lọ́yà, Tíṣà ò ní san ìyókù títí pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi máa dúró tí gbogbo èèyàn sì fọwọ́ sí i. Owó iṣẹ́ tèmi náà ò lé, wíwá tí mo tún máa wá ò kan ẹnikẹ́ni. Pílà tuntun tí mo ti dà sílẹ̀ ṣì wà nílé mi, á tilẹ̀ gan dáadáa sí i kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ohun tí mo kàn fẹ́ tọrọ, àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ta ló mọ̀ wọ́n nínú ẹbí? Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má gbé pílà yẹn lọ sílé fi ṣe àdìrò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Mo ti fi ọ̀pá pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ má bínú pé mo da ètò yín rú, ẹ ṣeun fún sùúrù yín. Mò ń retí èsì yín o, ká sùn ire.