Ọ̀rọ̀ ìdúró fún ipò alábòójútó sítọ́ọ̀ oògùn, Ìlúpéjú

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí ẹ ti mọ̀ mí, a sì jọ ń rí ara wa lójoojúmọ́, nítorí náà mi ò ní ka iṣẹ́ mi fún yín bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni apá tí kì í dé orí tábìlì yín, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ alábòójútó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ínsúlínì. Díígírì 2 sí 8 ni ibùgbé rẹ̀. Ooru ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù: bí iná bá ti lọ, a ó sáré sídìí jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀, dídì náà ń bà á jẹ́, ìyẹn ló sì burú jù, torí ojú kì í tètè rí i. Èyí tó dì tó sì yọ́ lè mọ́ gaara nínú ìgò, kò ṣeé fún aláìsàn mọ́.

Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta ọdún tó kọjá, páálí kékeré ínsúlínì 23 ni àwọn oníbàárà wa ní Erékùṣù Èkó dá padà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Èkó la dá lẹ́bi. Awakọ̀ wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà ń le gbagidi. Mo fi ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń ka ìwọ̀n òtútù sínú kúlà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan láàárín. Kí ọkọ̀ tó dé Àpọ́ńgbọ́n, ti ẹ̀gbẹ́ ti bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Ti àárín ṣì wà ní 5. Yìnyín tí a ń yọ tààrà láti inú fírísà, tí a ń tò mọ́ oògùn lára, ló ń ṣe é.

Látìgbà náà, a máa ń kó yìnyín sórí tábìlì títí yóò fi làágùn, tí a bá sì mi ike rẹ̀ sétí, a ó gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀. Bí a ò bá gbọ́ omi, kò tíì tó. Lẹ́yìn náà, páálí gbígbẹ ni a ó fi dí àárín òun àti oògùn. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 nínú ooru sítọ́ọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí mo fi yí àkókò ìwọṣẹ́ ẹnì kan sí aago 5:15 kí ọkọ̀ lè jáde ní 6:00. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, páálí 4 ló padà. ₦11,400 la ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. ₦262,200 ló kọ́kọ́ bá wa lọ. Ó wá di ₦45,600.

Mo mọ̀ pé ẹ kò gbàgbé kíkà ọjà ti oṣù kẹwàá. Kọ̀ǹpútà ní 1,240, orí pẹpẹ ní 1,180. Ẹ̀bi mi ni. Mo gbà kí ẹrù ọjọ́ Sátidé méjì jáde nítorí pé wọ́n pè mí lórí fóònù, mo ní a ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, a kò sì kọ ọ́. Nísinsìnyí, bí kò bá sí wéébíìlì tí ẹni méjì fọwọ́ sí, géètì kò ní ṣí, ì báà jẹ́ èmi ni mo pè. Ìgbà mẹ́ta la ti kà á láti ìgbà náà. Kò sí èyí tí ó yàtọ̀.

Ẹnì kan nínú yín lè máa rò ó pé àwọn tí a jọ ń jẹun ni mo fẹ́ máa darí. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní ẹnu ọ̀nà ẹrù fi ọdún 11 jù mí lọ. Mi ò ní bá wọn wí lójú àwọn ọmọdé. Ní kọ̀rọ̀ ni n ó ti bá wọn sọ ọ́, pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n,” n ó sì kọ ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀wọ̀ kò ní kí àkọsílẹ̀ má sí.

Ní ti àyè tí mo ń fi sílẹ̀, ọmọ tó ń tọ́jú fíríìjì kejì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi gba ìsinmi ní oṣù kẹjọ, òun ló di sítọ́ọ̀ mú, kò sì sí wéébíìlì tó sọnù. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti parí ìfilélẹ̀.

Nínú 90 ọjọ́ àkọ́kọ́, n ó wọn òtútù igun kọ̀ọ̀kan yàrá tútù, torí ẹnu ilẹ̀kùn àti abẹ́ fáànù kò rí bákan náà. N ó tún to gbogbo pẹpẹ kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù wà níwájú. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ tó tó wákàtí 48 ni mo fẹ́ kó máa wà nílẹ̀ dípò 24, ìyẹn sì ń fẹ́ àṣẹ yín.

Mo ń béèrè ipò náà láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ìwé tí ẹ̀rọ òtútù tẹ̀ jáde wà níwájú yín, ti ẹ̀gbẹ́ kúlà ló wà lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí.